Èsì: Ọmọ ìsọ̀ tuntun tó ń lé oníbàárà

"Ọmọ tí mo gbà sí ìsọ̀ aṣọ mi lọ́sẹ̀ yìí, bí ẹnìkan bá ti wọlé ló ń kó aṣọ olówó ńlá síwájú wọn. Wọ́n ń jáde láìrà. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ọjà o. Ẹ má jẹ́ kó fi nǹkan kan lọ oníbàárà títí onítọ̀hún yóò fi mú aṣọ tó wá rà. Àfi ẹni tó bá fúnra rẹ̀ béèrè.

Ní ìsọ̀ mi l'Ọ́ṣogbo níbí, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kíkí nìkan ni iṣẹ́ ọmọ tuntun: kó kúnlẹ̀, "Ẹ káàbọ̀ mà," kó sún sẹ́yìn, kó máa wo bí mo ṣe ń tajà.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kan mú àńkárá ọ̀pá mẹ́fà. Kó tó sanwó, ọmọ náà béèrè pé, "Mà, ṣé ẹ ti ní láínìn tí télọ̀ máa fi sí i?" Ìyá rà á. Ohun kan ṣoṣo ni kó fi lọ̀ wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí wọ́n bá ní rárá, kó di ẹrù wọn.

Ẹni tó bá padà wá bínú pé aṣọ òun kò pé ńkọ́? Kó má jiyàn. "Ẹ má bínú mà, ẹ jẹ́ ká jọ wọ̀n ọ́n." Kó wọ̀n ọ́n lójú wọn. Tí télọ̀ bá ti gé e, wíwọ̀n kò lè yanjú ìyẹn mọ́. Kó pè yín kíákíá.