Bí “màá gbìyànjú” ṣe ń di orúkọ nínú ìwé iṣẹ́

Ìbéèrè: “Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọ̀gá mi, tó jẹ́ òyìnbó, bá ní kí n wá lọ́jọ́ ìsinmi mi, ‘màá gbìyànjú’ ni mo máa ń fi dá a lóhùn, òun a sì kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ó ti wá ń pè mí ní ẹni tí kì í mú ìlérí ṣẹ. Báwo ni mo ṣe lè kọ̀ fún un láìjọ aláìlẹ́kọ̀ọ́?”

Ó pẹ́ tí èmi náà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó sọ mí di ẹni tó ń to orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, nítorí náà mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, mo sì mọ ohun tí ọ̀gá yín rò nígbà tó gba èsì yín.

Nílé wa, ẹnu nìkan kọ́ ni a fi ń kọ nǹkan. Ẹ wo oníbàárà tó bá sọ fún aláṣọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n yí ọjà ká, mò ń bọ̀.” Kò sí aláṣọ tí yóò tọ́jú aṣọ náà dè é, kíá ni yóò pè é padà pé kí ó wá sọ iye tó fẹ́ san, nítorí “rárá” ló gbọ́. Bákan náà, bí àwọn ẹbí ìyàwó bá ní kí alárinà máa lọ, pé àwọn yóò ránṣẹ́, tí oṣù sì ń gorí oṣù, àwọn ẹbí ọkọ kì í béèrè mọ́. Bí a bá sì pe èèyàn síṣẹ́, ẹni tó fẹ́ wá máa ń béèrè aago tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n jọ máa ṣe é. Ẹni tí kò ní wá kì í dá àkókò kankan, ohùn rẹ̀ á fà, á sì fi orúkọ Ọlọ́run kún un. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ni ni a ti ń kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ di odindi. Ọ̀gá yín kò gbé ilé náà rí. Bó bá sì jẹ́ pé orí fóònù ni ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí, kò tilẹ̀ gbọ́ ohùn yín.

Ní ẹnu iṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ní òun yóò gbìyànjú ti gba nǹkan kan rù: yóò lọ wádìí bóyá ó ṣeé ṣe, yóò sì padà wá sọ bí kò bá ṣeé ṣe. Bó bá dákẹ́, wọ́n gbà pé ó ń bọ̀.

Ní ilé ìtọ́jú kan tí mo wà, arábìnrin wa kan kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ pé òun yóò wo ohun tí òun lè ṣe nípa iṣẹ́ alẹ́ Sátidé. Lójú tirẹ̀, ó ti fi ọ̀wọ̀ kọ̀. Lójú ọ̀gá, àyè kan ti dí, nítorí náà kò pe àwọn tó ń yá ilé ìtọ́jú ní òṣìṣẹ́. Nígbà tí alẹ́ náà dé, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nídìí àwọn arúgbó tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ fi ẹ̀rọ gbé wọn kúrò lórí ibùsùn. Ní Mọ́ńdè, ìwé ìkìlọ̀ dé. Arábìnrin náà ń sunkún pé òun kò sọ pé òun ń bọ̀, òótọ́ ló sì sọ.

Ẹ̀kọ́ ilé yín kò ní sọnù bí ẹ bá gbé e sí iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, tí ẹ sì jẹ́ kí àárín rẹ̀ le. Irú èyí ni mo máa ń kọ́ àwọn ará wa: “Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Mi ò ní lè wá ní Sátidé. Bí ẹ bá ṣì ń wá èèyàn fún alẹ́ Túsìdeè, mo lè ṣe é.” Ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ẹ kọ̀, ẹ má sì to àwíjàre jọ. Bí ẹ bá ní ọmọ yín ń ṣàìsàn, ọ̀gá lè bá yín wá ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ, ẹ̀yin náà a sì tún máa wá àwíjàre mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ kò tíì mọ̀, ẹ dá àkókò tí ẹ óò fèsì, bíi aago mẹ́rin ọ̀la, kí ẹ sì fèsì kó tó lù.

Òyìnbó náà a máa fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tọrọ ìsinmi láti lọ sílé, tí ọ̀gá sì ní òun yóò fi í sọ́kàn, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú títí wọn yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Ẹ má kó ọ̀nà yìí lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó bá pè láti Ìbàdàn fún owó, “rárá” gbangba yóò dà bí ìwọ̀sí létí rẹ̀, ó sì mọ ìtumọ̀ “ẹ jẹ́ kí n wò ó ná.” Àwọn ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀ ni kí ẹ kíyè sí, torí etí ọ̀gá yín ni wọ́n ní. Bí ẹ bá ní “a máa rí i” nípa bàtà tuntun, wọ́n á máa ka ọjọ́.