Ewì ìwúre fún ìyàwó Àgùdà àti ọkọ Sí-Éè-Sí

*“Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣègbéyàwó l'Óṣogbo lóṣù tó ń bọ̀. Àgùdà ni wá, Sí-Éè-Sí paraku làwọn ará ilé ọkọ. Wọ́n ní kí n fi ewì súre fún wọn níbi àpèjẹ. Ẹ̀rù ń bà mí kí apá kan má lọ dákẹ́ nígbà tó bá yẹ kí wọ́n ṣe Àmín. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?”*

Ohun tó máa ń ba irú ewì yìí jẹ́ ni kéèyàn máa pín in bí ẹran: ìlà kan fún tìyàwó, ìlà kan fún tọkọ. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìlàjì gbọ̀ngàn ni yóò máa dákẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìlà mẹ́rin yìí, irú rẹ̀ pọ̀:

Màríà Wúndíá á bá yín bẹ̀bẹ̀,
Omi ìyè á ṣiṣẹ́ nílé yín,
Orógbó ní kẹ́ ẹ gbó,
Ọ̀ṣun á fọmọ jíǹkí yín o.

Ní ìlà kìíní, àwọn Sí-Éè-Sí á pa ẹnu mọ́, nítorí wọn kì í ní kí ẹni mímọ́ bá àwọn bẹ̀bẹ̀. Ní ìlà kejì, ilé ìyàwó á máa wojú ara wọn. Omi mímọ́ làwọn mọ̀, wọn ò mọ omi ìyè. Ìlà kẹta dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà Sí-Éè-Sí ló ń gbọ́ ọfọ̀ nínú rẹ̀. Ìkẹrin ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Lójú ẹni tó ń kọ ọ́, odò ìlú lásán ló dárúkọ, ṣùgbọ́n l'Óṣogbo, bí ẹ bá ti ní Ọ̀ṣun fúnni lọ́mọ, òrìṣà lẹ bẹ̀ yẹn, ìjọ méjèèjì ni yóò sì bínú pọ̀.

Ẹ wá àwòrán kan tí ìjọ méjèèjì ti ní tiwọn nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún Àgùdà àti Sí-Éè-Sí, mi ò mọ èyí tó dáa ju ìgbéyàwó Kánà lọ, nínú Jòhánù orí kejì. Ìyá Jésù wà níbẹ̀. Ẹsẹ kìíní ló sọ ọ́. Àgùdà á gbọ́ Màríà tiwọn, Sí-Éè-Sí ò sì lè jiyàn, torí Bíbélì ló wí i, ẹ ò sì ní kó bẹ̀bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ìkòkò òkúta mẹ́fà, wọ́n pọnmi kún un títí dé etí. Ọ̀rọ̀ omi yìí máa ń wọ àwọn tó ń mu omi àdúrà lára, ẹ ò sì ní dárúkọ omi ìyè rárá. Omi inú ìkòkò ni kẹ́ ẹ pè é, ẹ má pè é lómi odò, kí ọkàn ẹnikẹ́ni má baà sáré lọ sí Ọ̀ṣun. Ẹ̀gún kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni wáìnì, nítorí ilé tí wọn kì í ti í mutí. Ẹ pe ohun tó jáde ní “adùn”, ọ̀rọ̀ parí:

Ní Kánà ti Gálílì, wọ́n pe Jésù, ó dé;
Ìyá Jésù wà níbẹ̀, òun ló tètè rí i pé nǹkan ti tán;
Ẹ pe Jésù sílé yín, yóò dé o.

Ìkòkò mẹ́fà, omi ni wọ́n pọn sí i;
Omi kún dé etí, adùn ni wọ́n bù jáde;
Omi tẹ́ ẹ bá pọn, adùn lẹ ó máa bù o.

Ẹ wo bí ìlà kẹta ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe parí sí “o”. “O” yẹn ló ń fa Àmín jáde lẹ́nu èèyàn. Bẹ́ ẹ bá fi í sí gbogbo ìlà, àwùjọ á máa ṣe Àmín kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, ohùn yín á sì rì. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, wọ́n á máa wò yín. Ìlà mẹ́ta, “o”, Àmín. Ìpín méje tàbí mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ ti tó. Bí àgbàlagbà kan bá fi “Àṣẹ” dáhùn, ẹ má dá a lóhùn, ẹ máa bá tiyín lọ.

Àwòrán kejì tí mo máa ń fọwọ́ sí l'Óṣogbo ni aró. Ìlú aró ni wọ́n ń kì í, kò sì sí ìjọ tó ni aró. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ bí gbólóhùn ṣe ń tò. “Aró Òṣogbo kì í ṣá, ìfẹ́ yín kò ní ṣá” dùn o, àmọ́ “kì í” tí “kò ní” tẹ̀ lé, ẹsẹ̀ ọfọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan, kò burú. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta léra, ó ti di ògèdè, àwọn wòlíì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ojú sókè. Ẹ fi àfiwé rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì darí àdúrà náà sọ́dọ̀ Olúwa. Ẹ tẹ̀ lé bí iṣẹ́ aláró ṣe rí gan-an: ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń ri aṣọ sínú aró. Wọ́n á rì í, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n á tún rì í, kó tó dúdú bó ṣe yẹ.

Èyí ni wọ́n hun níbí, ìyẹn ni wọ́n hun lọ́hùn-ún;
Ìkòkò aró kan náà ló gba aṣọ méjèèjì, a rì í, a tún un rì;
Olúwa, bí aró ṣe ń mú aṣọ, kí ìfẹ́ mú wọn o.

Lórí orúkọ Ọlọ́run, Olúwa, Ọlọ́run àti Olódùmarè kò ní wàhálà. Olódùmarè wà nínú Bíbélì Yorùbá, nínú Jẹ́nẹ́sísì 17. “Kí orí gbè yín” lẹ ó fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gba sùúrù jù. Àgùdà ń ṣèrìbọmi fún ọmọ jòjòló, omi ni wọ́n ń dà sí i lórí. Sí-Éè-Sí ń dúró títí ọmọ á fi lè gbàgbọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n á wá rì í bọmi pátápátá. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó jẹ́ Àgùdà ti ṣèlérí fún ìjọ rẹ̀ pé òun á sa gbogbo ipá òun káwọn ọmọ lè jẹ́ Àgùdà. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá súre pé “a ó wá ṣèrìbọmi ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀”, ẹ ti dá ẹjọ́ tí wọn ò gbé wá bá yín. Ọjọ́ kẹjọ ni kẹ́ ẹ mú, torí kò sẹ́ni tí kì í sọmọ lórúkọ:

Kí ọmọ yí tábìlì yín ká bí igi ólífì;
Kí ọjọ́ kẹjọ kó gbogbo wa jọ sílé yín;
Ká sọmọ lórúkọ, ká jẹun, ká yó o.

Ìlà kìíní wá láti inú Sáàmù 128. Ẹ má dárúkọ nọ́ńbà rẹ̀ nínú ewì, nítorí 127 ni wọ́n ń pè é nínú àwọn ìwé Àgùdà àtijọ́. Ẹ má sì mú àdúrà Tòbíà àti Sárà, bó ti wù kó dùn mọ́ yín tó: kò sí ìwé Tóbítì nínú Bíbélì ilé ọkọ.

Ẹ má gbé ewì náà wọ inú Máàsì. Ìbùkún tí fadá ń sọ lórí tọkọtaya ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìwé. Gbọ̀ngàn ni ààyè yín, kí wọ́n tó pín oúnjẹ. Bí ìrẹsì bá ti délẹ̀, Àmín tẹ́ ẹ máa gbọ́ kò ní pọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ fún àgbà kan láti ilé kọ̀ọ̀kan kà. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dára, wọ́n á kàn ní ó dára ni. Ẹ ní kí wọ́n fi bírò fa ìlà sábẹ́ ibi tẹ́nu wọn ò bá ti lè ṣe Àmín.