Èrè àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ìjẹ

"Ẹnì kan ṣèèṣì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi, bá a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Ó fi ibi tó ń dówò sí hàn mí. Mo fi 100 dọ́là dán an wò, mo gba 112 padà. Ṣé kí n fi kún un?"

Ẹ má fi kún un rárá. Oníjìbìtì ni wọ́n, àpò ara wọn ni wọ́n ti yọ dọ́là 12 yẹn, kí ọkàn yín lè balẹ̀ láti kó owó ńlá wá. Iye tó ń gòkè lójú fóònù yín kì í ṣe owó, àwọn tó ni ojúewé náà ló ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fowó ránṣẹ́ ló ti wọ àpò wọn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà tí mo fẹ́ gba 5,000 jáde, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san 1,000 owó orí. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ̀, àfi kí n mú òmíràn wá láti ìta. Ibẹ̀ lojú mi ti là. (Ọ̀rẹ́ tó mú mi débẹ̀ tún ní òun máa yá mi lára owó náà!)

Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ àti àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ sí, kẹ́ ẹ tó dí ọ̀rẹ́ yẹn lọ́nà lórí fóònù yín. Ọlọ́pàá á béèrè wọn.