Èrè Ìpín Kì Í Dín Owó Ìrà Kù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ra ìpín ilé iṣẹ́ kan lọ́wọ́ alágbàtà ní Kútọnù: 100 ní oṣù kejì, 5,000 fráǹkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, 50 ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, 6,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún yẹn wọ́n san èrè ìpín, àmọ́ orí 100 péré ni wọ́n san án lé. Ẹni tó ń kọ́ wa ní kí n máa yọ èrè náà kúrò nínú iye tí mo fi ra ìpín, kí n lè mọ èyí tó kù kí owó mi tó pé padà. Báwo ni kí n ṣe kọ gbogbo rẹ̀ sínú Excel?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́, màmá. Ẹ pa ìwé tí ẹ ti fi yọ ọ́ rẹ́, kí a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi o. Ní Àjàṣẹ́ níbí, mo ti rí ìwé Excel kan tí wọ́n ń ta fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ìpín, iṣẹ́ tí wọ́n sì kọ́ sínú rẹ̀ gan-an nìyẹn: bí èrè bá ti wọlé, owó ìrà á fúnra rẹ̀ lọ sílẹ̀. Wọ́n ń gba owó lórí àṣìṣe.

Bí ẹ bá ra abo ewúrẹ́ ní ọjà Kétu ní 40,000 fráǹkì, tó bímọ, tí ẹ ta ọmọ rẹ̀ ní 15,000, iye tí ẹ ra ìyá ṣì jẹ́ 40,000. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè tí ẹ ó dáhùn pé 25,000 ni. Owó ìrà jẹ́ ìtàn ohun tó ti ṣẹlẹ̀: iye tó jáde lápò yín lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Èrè ìpín jẹ́ owó tó wọlé lọ́jọ́ mìíràn, ojú ewé tirẹ̀ sì wà.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rú wọn lójú. Lọ́jọ́ tí ẹ̀tọ́ sí èrè bá já kúrò lára ìpín, iye rẹ̀ lórí ọjà sábà máa ń já wálẹ̀, ìwọ̀n bí èrè náà ti tó. Ẹni tó bá rí i á ní, “Ṣé ẹ rí i, owó tiwa ni wọ́n dá padà fún wa.” Iye ọjà ló yí padà níbẹ̀, owó ìrà kọ́. Bí iye ọjà bá tilẹ̀ já sí ìdajì lọ́la, ẹ kò ní padà lọ tún iye tí ẹ fi rà á kọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ojú lè là. Owó iṣẹ́ alágbàtà àti àwọn owó tó tẹ̀ lé e, mo fi sí 1.2% fún àpẹẹrẹ. Iye tó wà lórí ìwé tiyín ni kí ẹ lò. Ìrà àkọ́kọ́ jẹ́ 500,000, owó iṣẹ́ 6,000, àpapọ̀ 506,000. Ìkejì jẹ́ 300,000, owó iṣẹ́ 3,600, àpapọ̀ 303,600. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ 809,600 fún ìpín 150. Ẹ pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5,397.33. Èyí ni owó ìrà yín, 5,000 kọ́, 6,000 kọ́, kì í sì í ṣe 5,500 tí àwọn kan máa ń rí nígbà tí wọ́n bá kàn da iye méjèèjì pọ̀ tí wọ́n pín in sí méjì.

Ká wá ní èrè ìpín jẹ́ 400 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí 100, 40,000 nìyẹn. Ká ní wọ́n yọ owó orí 4,000 kúrò kí wọ́n tó san án, 36,000 ló wọ àkáǹtì yín.

Bó bá di oṣù kọkànlá, tí ẹ ta 60 ní 6,500, owó títà jẹ́ 390,000. Ẹ yọ owó iṣẹ́ 4,680, ó ku 385,320. Owó ìrà 60 yẹn jẹ́ 323,840. Èrè títà yín jẹ́ 61,480, owó ìrà 90 tó kù lọ́wọ́ yín sì jẹ́ 485,760. Ó parí.

Ní ọ̀nà ti olùkọ́ yín ńkọ́? Ẹ ó ti yọ 36,000 kúrò nínú 809,600, ó ku 773,600. Owó ìrà 60 á di 309,440, èrè títà á di 75,880. Ó fi 14,400 ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó kù nínú 36,000 yẹn, ìyẹn 21,600, ṣì fara pamọ́ sínú owó ìrà 90 tó kù. Ọjọ́ tí ẹ bá tà wọ́n ló máa tó yọjú gẹ́gẹ́ bí èrè tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ ẹ ti kọ 36,000 kan náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wọlé. Owó kan, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ìwé hàn, ìbáà ṣe báǹkì, ìbáà ṣe àwọn ọmọ yín tí wọ́n ń pín ogún, kò ní bá ti alágbàtà mu.

Bó bá wù yín láti mọ èyí tó kù kí owó yín tó pé padà, kò burú. Ẹ ṣe òpó kan fún un, kí ẹ máa kó èrè tó wọlé jọ síbẹ̀, kí ẹ máa wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìrà. Kí ẹ má ṣáà jẹ́ kó fọwọ́ kan owó ìrà.

Ohun kan wà tó ń dín owó ìrà kù ní tòótọ́: bí ilé iṣẹ́ bá dá apá kan owó ìpìlẹ̀ padà fún àwọn onípìn-ín. Ìwé rẹ̀ máa ń sọ ọ́ gbangba, `Remboursement de capital`, kì í ṣe `Dividende`. Bí wọ́n bá sì fún yín ní ìpín ọ̀fẹ́, iye ìpín ló ń pọ̀ sí i. Owó ìrà lápapọ̀ dúró síbi tó wà, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kéré sí i. Yàtọ̀ sí méjì yìí, ẹni tó bá ní kí ẹ dín owó ìrà kù, ẹ ní kó fi ìwé hàn yín.

Ó kù bí ẹ ó ṣe kọ ọ́. Ojú ewé méjì: ìrà àti títà lórí ọ̀kan, èrè tó wọlé lórí ìkejì. Ìwé tí alágbàtà fi ń sọ pé òun ti bá yín rà tàbí tà ni `Avis d'opéré`. Láti inú rẹ̀ ni kí ẹ ti mú nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ ìrà, orúkọ ìpín, iye ìpín, iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó iṣẹ́ àti àpapọ̀ tó jáde. Àpapọ̀ yẹn ni owó ìrà. Ẹ má fo nọ́ńbà ìwé, torí ìwé kan náà lè wá nípasẹ̀ ímeèlì kí ẹ tún gba bébà rẹ̀ lọ́fíìsì wọn, ẹ ó sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ìpín 50 tí ẹ béèrè, 30 ló rí olùtà lọ́jọ́ kan, 20 lọ́jọ́ kejì. Ìwé méjì ló máa jáde nígbà náà, ìlà méjì sì ni kí ẹ kọ.

Lára ìwé èrè, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta lọ́tọ̀: àpapọ̀ èrè kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, owó orí tí wọ́n yọ, àti èyí tó wọ àkáǹtì. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ ju èyí tó gbẹ̀yìn lọ nítorí òun ni wọ́n rí ní báǹkì. Àmọ́ èrè yín jẹ́ 40,000, kì í ṣe 36,000. Ẹ̀rí pé ẹ ti san owó orí ni 4,000 tó wà láàárín. Ìwọ̀n owó orí náà kò rí bákan náà nílé iṣẹ́ gbogbo, torí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná BRVM, ọjà ìpín tó wà ní Àbíjàn, òfin owó orí wọn kò sì jọra. Ohun tó wà lórí ìwé ni kí ẹ kọ.

Ní ti ìpín 50 tí wọn kò san èrè rẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `Date de détachement` sí. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀tọ́ sí èrè já kúrò lára ìpín, ó sì máa ń ṣáájú ọjọ́ ìsanwó. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ẹni tó ni ìpín náà kí ọjọ́ 9 yẹn tó pé ló ni èrè, kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 16 ni, ẹ kọ̀wé sí alágbàtà lónìí.

Ẹ tún kíyè sí bí nọ́ńbà ṣe ń wọ Excel. Tí ẹ bá da `506 000,00` kọ láti inú PDF, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ kì í sábà ṣe àlàfo gidi, Excel sì lè kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Kò ní pariwo. `SOMME` á kàn fò ó, àpapọ̀ yín á sì dín. Àmì rẹ̀ ni pé nọ́ńbà náà á fara ti apá òsì dípò apá ọ̀tún. Bó bá wà ní A2, tí Excel yín sì jẹ́ ti èdè Faransé, ẹ kọ èyí:

```
=CNUM(SUBSTITUE(A2;CAR(160);""))
```

Bó bá ṣì kọ̀, irú àlàfo mìíràn ni. Ẹ da àlàfo náà gan-an kọ, kí ẹ lo `Rechercher et remplacer` láti pa á rẹ́. Bí kọ̀ǹpútà yín bá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣòro tiẹ̀ tún yàtọ̀: `5.000` á di márùn-ún, 03/04 sì lè di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Láti mọ̀, ẹ fi iye ìpín sọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, kí ẹ fi owó iṣẹ́ kún un. Bí kò bá bá àpapọ̀ orí ìwé mu, ìlà yẹn ni kí ẹ tún wò.

Èmi kò tíì rí ìwé yín lójú ara mi, àpẹẹrẹ sì ni iye èrè, owó iṣẹ́ àti owó orí tí mo lò. Ọ̀nà kan sì tún wà tí àwọn kan ń gbà ṣírò owó ìrà, pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rà ni wọ́n kọ́kọ́ tà. Ẹ lè bi oníṣirò owó yín tàbí àwọn tó ń gba owó orí léèrè èyí tí wọ́n ń fẹ́. Èyí tí ẹ bá mú, òun náà ni kí ẹ máa lò lọ.

Kí ẹ tó tún ìwé náà kọ, ẹ béèrè `Relevé de compte titres`, ìwé tó ń ka gbogbo ìpín tó wà nínú àkáǹtì yín, lọ́wọ́ alágbàtà. Kò sí ìwé ẹ̀rí ìpín kankan tí ẹ lè tọ́jú sínú àpótí, inú àkáǹtì ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí iye ìpín tí ẹ kọ kò bá dọ́gba pẹ̀lú tiwọn, `Avis d'opéré` kan ti sọnù lọ́dọ̀ yín. Wọ́n lè tún un tẹ̀ fún yín.