Ewì Ọlọ́rọ̀ Geere àti Ìpínrọ̀ Lásán: Ibi Tí Wọ́n Ti Pínyà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo ka ewì kan tí wọn kò pín sí ìlà rárá, ìpínrọ̀ kan péré ni. Kí ni ó mú un yàtọ̀ sí ìpínrọ̀ kúkurú tí gbogbo wa ń kọ, báwo ni mo sì ṣe lè ka àwọn àwòrán tí wọ́n dì sínú rẹ̀ kí wọ́n yé mi?

Ìdáhùn: Ìyàtọ̀ náà kò sí nínú gígùn tàbí kíkúrú, kò sì sí nínú pé èdè ọ̀kan dùn ju ti èkejì lọ. Iṣẹ́ tí a fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe ni ó yàtọ̀. Nínú ìpínrọ̀ lásán, àwọn gbólóhùn ń gbé òye lé ara wọn lọ́wọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ibi tí òǹkọ̀wé ń mú un lọ, bí òye náà bá sì ti yé wa, a lè fi ọ̀rọ̀ tiwa sọ ọ́ láìpàdánù ohun kan. Nínú ewì ọlọ́rọ̀ geere, irú èyí tí ẹ kà yẹn, òǹkọ̀wé kò sọ ìdí, kò sì sọ èrò rẹ̀. Ó to àwọn ohun tí ojú lè rí tira wọn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tiwa sọ irú rẹ̀, ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ kì í tó nǹkan.

Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè rí méjèèjì lójúkojú. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé àtijọ́ kan ní Òjé, nílùú Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn ilé onípáànù pupa tí ẹni tí ó bá dúró lórí òkè Màpó máa ń rí lọ rẹrẹẹrẹ. Àkọ́bí ilé náà lè kọ̀wé báyìí sí àwọn àbúrò rẹ̀:

“Ilé tí Bàbá wa kọ́ sí Òjé ti ń jò láti bí ọdún mẹ́ta. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, àwọn ìṣó tí wọ́n fi kàn án mọ́ igi sì ti jẹ tán. Ìyá wa nìkan ni ó ń gbé ibẹ̀ nítorí pé Èkó ni gbogbo wa wà. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n máa ń gbé abọ́ sí ibi tí omi ti ń kán. Nítorí náà, ó yẹ kí a dá owó jọ kí a lè pààrọ̀ páànù náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.”

Ìpínrọ̀ gidi ni èyí, kò sì ní àbùkù. Ẹ wo bí “nítorí pé” àti “nítorí náà” ṣe so ó pọ̀, àti bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń lọ sí orí owó tí wọn yóò dá. Bí àbúrò kan bá kà á tí ó sì fi owó ránṣẹ́, ìpínrọ̀ náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún padà lọ kà á. Ewì ọlọ́rọ̀ geere tí mo kọ láti inú ọ̀ràn kan náà nìyí:

“Páànù ilé Bàbá ti di pupa. Òjò ń gba ojú ìṣó wọlé, ó ń kán sínú abọ́ tí Ìyá gbé sórí ibùsùn tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, abọ́ kún lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá dà á sínú ìkòkò ńlá, ó bo ìkòkò náà. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọmọ dé láti Èkó, wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn. Ó bù ú fún wọn ní tútù.”

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ka irú nǹkan báyìí ni pé kí ó kọ́kọ́ gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Páànù ni páànù, omi ni omi. Ẹni tí ó bá ti ka gbólóhùn kìíní tí ó sì ń béèrè pé kí ni páànù dúró fún ti sáré ju ewì náà lọ. Kí ó rí yàrá náà ná: abọ́ wà lórí ibùsùn, òjò ń kán, obìnrin kan ń dìde lóru láti da omi nù, àfi pé kò dà á nù.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wá ohun kan tí ó ń rìn láti gbólóhùn dé gbólóhùn. Níhìn-ín, omi ni. Ó ti ojú ìṣó wọ inú abọ́, ó ti inú abọ́ wọ inú ìkòkò, ó sì ti inú ìkòkò dé ẹnu àwọn ọmọ. Kò sí gbólóhùn kan tí ó sọ pé àwọn ọmọ pa ilé bàbá wọn tì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó sọ pé wọ́n mu ohun tí ìpatì náà mú wá, síbẹ̀ ọ̀nà tí omi náà gbà ti sọ méjèèjì. Ohun tí a ń pè ní àwòrán tí a dì nìyẹn: ìtàn ọdún pípẹ́ ti wọ inú ohun kan tí a lè fi ọwọ́ kàn. Bí a bá fẹ́ tú u, kí a tọ ipa ọ̀nà ohun náà, kí a má ṣe máa fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ ìkọ̀kọ̀.

Kí ó tún wo àlàfo tí ó wà láàárín àwọn gbólóhùn. Nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, “nítorí pé” ti dí àlàfo pa. Nínú èkejì, láti “ó bo ìkòkò náà” sí “lọ́jọ́ ọdún”, oṣù mélòó ni ó kọjá? Òjò mélòó ni ó rọ̀? Ibùsùn tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí mọ́ ni a fi mọ̀ pé Bàbá ti kú, wọn kò sì dárúkọ ikú. Òǹkàwé ni ó ń so gbólóhùn pọ̀, ìdí nìyí tí ewì bí èyí fi ń gba àkókò ju ìpínrọ̀ tí wọ́n jọ gùn bákan náà lọ.

Nítorí pé òǹkọ̀wé ti yọ̀ǹda ìlà, kò ní ibi tí yóò ti dá òǹkàwé dúró ní tipátipá bí akéwì ṣe ń fi ìparí ìlà dá a dúró. Gírámà àti ìgbóhùn ni yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó jẹ́ ti Ìyá: gbé, dà, bò, bù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń fi ọwọ́ ṣe. Ti àwọn ọmọ kò ju pé wọ́n dé, wọ́n sì sọ̀rọ̀. Ẹ wo “wọ́n” pẹ̀lú. Àkọ́bí tí ó kọ ìwé yẹn lo “wọ́n” fún ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́ fún ọmọ tí a kọ́. Nínú ewì, “ó” ni Ìyá, “wọ́n” sì ni àwọn ọmọ. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọmọ ilé náà mọ́; ó ti bọ́ sí ẹ̀yìn, ó ń wòran. Bí a bá sì dá ọ̀wọ̀ náà padà, tí a kọ “Wọ́n bù ú fún wọn”, ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà yóò dàpọ̀ mọ́ra, gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yóò sì wó.

Ọ̀nà méjì ni irú ewì yìí fi ń bàjẹ́ jù. Èkíní ni àlàyé ní ìparí. Bí mo bá fi kún un pé “Wọn kò mọ̀ pé omi òrùlé bàbá wọn ni àwọn ń mu”, mo ti gba iṣẹ́ òǹkàwé ṣe, ewì náà sì ti di ìpínrọ̀ ìkìlọ̀. Èkejì ni àfiwé tí kò níṣẹ́. Bí mo bá kọ pé òjò ń kán “bí omijé opó”, ó lè dùn létí, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, omijé nìkan ni omi náà, kò sì ní lè di ohun tí a fi pa òùngbẹ mọ́.

Àwa Yorùbá kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ tí a dì. Nígbà tí onírárà bá ń ki ènìyàn, kò sí ìlà lórí afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ sínú ìwé ni ó ń tẹ̀lé mímí rẹ̀ láti pín in. Nínú oríkì Ìbàdàn, a máa ń gbọ́ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ní nǹkan bí ọdún 1829, ibùdó àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ni ó di ìlú ńlá yìí yóò rí ìtàn gbogbo nínú ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn. Níbẹ̀ gan-an ni oríkì àti ewì ọlọ́rọ̀ geere ti yàtọ̀: oríkì gbẹ́kẹ̀ lé ìtàn tí àwọn olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ewì ọlọ́rọ̀ geere gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ohun tí a nílò láti fi tú u dání.

Ilẹ̀ Faransé ni a ti mọ irú ewì yìí sí ẹ̀yà kan tí ó dá dúró. Ìwé ewì ọlọ́rọ̀ geere tí akéwì Aloysius Bertrand kọ jáde ní 1842, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Akéwì mìíràn, Charles Baudelaire, kà á, ó sì jẹ́wọ́ pé ìwé náà ni ó fún òun ní ìmísí àwọn ewì ọlọ́rọ̀ geere tí a kó jọ sínú ìwé kan ní 1869, nígbà tí òun náà ti kú. Baudelaire mọ ewì onílà kọ dáadáa, ó tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà mìíràn lọ́nà méjèèjì, èyí tí ó fi hàn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìlà sílẹ̀ ni.

N kò ní sọ pé odi wà láàárín ewì yìí àti ìtàn kúkurú, tàbí láàárín rẹ̀ àti ìpínrọ̀ dáradára kan tí a yọ nínú ìwé ìtàn àròsọ. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ inú ìtàn àròsọ sábà máa ń fara ti ohun tí ó ṣáájú rẹ̀: a ti mọ ẹni tí Ìyá jẹ́, a sì ń retí ohun tí àwọn ọmọ yóò ṣe lọ́la. Nínú ewì ilé Òjé, kò sí ọ̀la kankan tí à ń retí.

Ó ku ibi tí ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Òǹkàwé kan lè sọ pé Ìyá ń fi ìyà jẹ àwọn ọmọ, pé ó bo ìkòkò nítorí pé ó ń fi nǹkan pa mọ́. Ewì náà gba èyí láyè, ṣùgbọ́n kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé gbogbo ilé ni wọ́n ti ń bo ìkòkò omi kí ìdọ̀tí má baà kó sí i, omi tútù sì ni a fi ń kí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn dé káàbọ̀. Nítorí náà, ẹ̀sùn àti ìkíni káàbọ̀ jọ wà nínú abọ́ kan náà, òǹkàwé tí ó bá mú ọ̀kan tí ó sì ju èkejì nù ti ka ìdajì. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé ìkòkò náà dúró fún orílẹ̀-èdè, kí a ní kó fi ọ̀rọ̀ tí ó rí i nínú rẹ̀ hàn wá. Kò sí i níbẹ̀.