Ọmọ tó ń di ìgbẹ́ mú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọkùnrin mi á pé ọdún 3 láìpẹ́. Láti ìgbà tí a ti bọ́ páńpáàsì lára rẹ̀, ó lè lo ọjọ́ 4 kó tó yàgbẹ́. Tí a bá gbé e ka póò, igbe ni. Ìyá mi ní kí n fún un ní àgbo. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá ọmọ kan, Muṣin

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ dá páńpáàsì padà sí i lára. Ìrora ni ọmọ yín ń sá fún, kì í ṣe póò. Ó jọ pé ìgbẹ́ líle ti dùn ún nídìí rí. Látìgbà náà, bí ìgbẹ́ bá ti ń gbọ̀n ọ́n, á dì í mú. Bó ṣe ń pẹ́ nínú ni ìfun ń fa omi rẹ̀ gbẹ, á wá le sí i, èyí tó ń bọ̀ á sì tún dùn ún. Ẹ máa wò ó: tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì, tó na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ẹ má rò pé ó ń tì í jáde. Ó ń dì í mú ni.

Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 2 àti oṣù 8, wá bá mi ní Súrùlérè. Ìyá rẹ̀ ní ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe é, torí omi ìgbẹ́ ń ba pátá rẹ̀ jẹ́ lójoojúmọ́. Mo fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lápá òsì, mo kan kókó líle. Omi ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ìgbẹ́ líle jáde! Ká ní wọ́n ti fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, ọ̀rọ̀ náà ì bá burú sí i. Oúnjẹ nìkan kì í tú irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà fún un ní láktúlósì, oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, wọ́n sì ń lò ó lọ fún oṣù mélòó kan, torí ìfun tó ti fẹ̀ kì í tètè súnkì.

Mílíìkì ló ń mu ju oúnjẹ lọ. A dín in kù sí nǹkan bí ife 2 lójúmọ́, a fi ìbẹ́pẹ, ọsàn pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀, ẹ̀wà, ewédú àti omi kún un. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, nígbà tí ìfun máa ń jí, wọ́n ń gbé e ka póò pẹ̀lú páńpáàsì lára fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí kékeré kí orúnkún ga ju ìdí lọ. Wọn kò na án, wọn kò sì bá a wí. Ìgbà tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n tó bọ́ páńpáàsì.

Ẹ bá mi bẹ màmá: kò sí àgbo, kò sì sí ọṣẹ nídìí. Bí ikùn bá wú, tó ń bì, tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ́ ju wákàtí 48 lọ nígbà tí ẹ bí i, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.