Lẹ́tà sí olóòtú jọ́nà nígbà tí a bá ń dá iṣẹ́ padà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti tún iṣẹ́ mi lórí igi emi ní agbègbè Igbájà ṣe. Kí ni mo máa kọ sí olóòtú?

Ìdáhùn: Ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ náà àti àkọlé rẹ̀, kí ẹ wá sọ àyípadà tó tóbi jù lọ. Ojú ewé kan ti tó. Èsì sí àwọn olùyẹ̀wò máa wà nínú fáìlì tirẹ̀: ọ̀rọ̀ wọn gẹ́lẹ́, èsì yín, nọ́ńbà ìlà tí ẹ ti tún un ṣe.

Ká ní ẹ fẹ́ fi ìlò ilẹ̀ wéra, ẹ wá ka ọ̀dọ́ igi emi ní abala ilẹ̀ kéékèèké mẹ́wàá mẹ́wàá nínú oko mẹ́fà, tí olùyẹ̀wò wá ní oko 6 lẹ ní, kì í ṣe 60. Òótọ́ ló sọ, torí àwọn abala ilẹ̀ inú oko kan náà máa ń jọra. Ẹ má jà. Ẹ tún ìṣirò ṣe, kí oko wọ inú rẹ̀:

```
iye ~ ilo_ile + (1 | oko)
```

Bí ìyàtọ̀ tí ẹ rí tẹ́lẹ̀ bá dín kù, inú lẹ́tà gan-an ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí ẹ sì tún ìparí iṣẹ́ náà kọ. Èmi ò fẹ́ kí olóòtú gbọ́ ọ lẹ́nu olùyẹ̀wò.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún ka igi fún ọdún méjì sí i, tí kò sì ṣeé ṣe, ẹ lè kọ̀. Ẹ sọ ìdí, kí ẹ sì tọ́ka sí ìlà tí ẹ ti jẹ́wọ́ pé àsìkò kan ṣoṣo lẹ kà.